Àyè Ò Gbà Á

Àga kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù Alhaja Ìdíátù ní Ìgándò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bí ènìyàn bá jókòó sí i, á dún kẹ́ẹ́. Bí ó bá dìde, á tún dún. Kọ́lápọ̀ lè wà nínú yàrá ẹ̀yìn láàrin àwọn àpò oúnjẹ adìyẹ, kó sì mọ̀ pé Bùnmí ti jókòó. Òun gan-an ti jókòó sórí àga yẹn fún ọdún mélòó kan rí. Kò gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Kọ́lápọ̀. Orí ló fi kọ́kọ́ ru oúnjẹ adìyẹ fún Alhaja, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Alhaja rí i pé ó máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò kó tó gbé e, ó fi í sí ìdí títà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó fi í sí ìdí kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn àdúgbò ti ń pè é ní Ọ̀gá Kọ́lá. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Iṣẹ́ orí àga náà kò ju báyìí lọ. Àwọn olósìn adìyẹ láti Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ayọ̀bọ̀ máa ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí fóònù kékeré kan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Adìyẹ mi ń wúkọ́. Ẹyin wọn ò ní èèpo. Kí ni kí n ṣe? Alhaja ló kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran, òun ni yóò sọ ìdáhùn. Ẹni tó wà lórí àga á kọ ọ́, á gba orí sáìtì kan fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó béèrè àti sí gbogbo àwọn olósìn yòókù lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má baà tún béèrè ohun kan náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni yóò jáde lókè àtẹ̀jíṣẹ́ náà, IMOLEOLOSIN, ní àkàpọ̀, torí sáìtì náà kò gba orúkọ tó bá ju lẹ́tà mọ́kànlá lọ.

Ohun tó gba àga lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n bá Alhaja ṣí ojú ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwòrán adìyẹ àti oògùn wà níbẹ̀. Ojú ìwé náà wu Kọ́lápọ̀ púpọ̀. Ó kọ ìdáhùn kan nípa ooru, ó fi àdírẹ́sì ojú ìwé náà sí ìparí rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè lọ wò ó. Sáìtì ní òun ti fi ránṣẹ́. Kò sí fóònù kan tó dún. Àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rí àdírẹ́sì nínú rẹ̀, wọ́n kà á sí iṣẹ́ àwọn oníjìbìtì, wọ́n gbé e mì. Adìyẹ kú lọ́wọ́ àwọn kan nínú ooru náà. Alhaja kò pariwo. Ó kàn sọ fún Adébùnmí, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá wọn tajà láti Ẹ̀gbẹ́dá, pé, “Bùnmí, máa jókòó síbẹ̀ yẹn ná.”

“Ná” yẹn ni Kọ́lápọ̀ dì mú. Ó ti pé ọdún kan, ó ṣì dì í mú.

Bí Bùnmí bá fẹ́ kọ ìdáhùn, á kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, jẹ́jẹ́, bíi ẹni tó ń ka oúnjẹ tó fẹ́ rà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gé e. Ọgọ́jọ lẹ́tà ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá fi ọ̀kan ṣoṣo lé e, ó ti di méjì nìyẹn. Sáìtì tí Alhaja sì ń lò kì í so méjì pọ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ inú fóònù. Nítorí náà Bùnmí kì í ju ẹyọ kan lọ. Kì í fi àmì sórí lẹ́tà, kì í fi sí abẹ́ rẹ̀. Kì í fi àwòrán ìràwọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi àmì owó náírà sí i, lẹ́tà ló fi ń kọ náírà. Ohun tí olósìn gbọ́dọ̀ ṣe ló máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀:

“Oogun aran: inu omi ni ki e fi si, ki i se inu ounje. Aaro ni ki e fun won.”

Ó tán.

“Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?” Kọ́lápọ̀ á béèrè lẹ́yìn rẹ̀.

“Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Bọ̀dá Kọ́lá.”

“Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bá ẹrú sọ̀rọ̀.”

“Ó dáa, sà,” Bùnmí á wí, á sì fi ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn kórìíra rẹ̀ ni, ara ì bá tu Kọ́lápọ̀. Wọn ò kórìíra rẹ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á mójú kúrò lára rẹ̀ bíi pé òpó ilé ni, wọ́n á ní, “Ta ni Bùnmí níbí? Ìwọ lo kọ ọ́? Adìyẹ mi ti dìde o!” Ọkùnrin kan láti Akówònjó gbé ẹyin wá fún un. Bùnmí pín in, ó gbé ìdajì fún Kọ́lápọ̀. Kọ́lápọ̀ gbé e délé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dín in tán, kò lè jẹ ẹ́. Ó tì í sẹ́yìn, ó ní òun ti yó.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá Ọláfimíhàn wá láti Ayọ̀bọ̀ láti ra àjẹsára. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ó kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko, ó sì ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Àjẹsára tó wá rà ni èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí kì í jẹ́ kí àrùn tó ń lọ́ adìyẹ lọ́rùn mú wọn. Kọ́lápọ̀ ló tà á fún un. Ó bá a fi yìnyín wé ìgò kékeré náà. Bí bàbá ti ń sanwó, ó yíjú sí Alhaja.

“Alhaja, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọbìnrin yín yìí.”

“Kí ló ṣe, Bàbá?”

“Kì í kí èèyàn. Èmi á máa sùn lọ́wọ́, fóònù á dún, mo gbé e, ó ní ‘oògùn aràn.’ Oògùn aràn kẹ̀? Ẹ káàárọ̀ ń kọ́? Ẹ kú iṣẹ́ ń kọ́? Bí ẹ bá rán ọmọ sí mi nílé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pariwo oògùn aràn, ṣé ẹ ò ní lù ú?”

Alhaja rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Àyè ni ò sí, Bàbá,” Bùnmí wí. Ó ti kúnlẹ̀. “Bí mo bá kí yín tán, kò ní ku àyè tí mo máa fi sọ̀rọ̀.”

“Èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àyè,” Bàbá Ọláfimíhàn wí, ó sì gbé yìnyín rẹ̀ lọ.

Kọ́lápọ̀ mú ìgbálẹ̀. Ó ń gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bẹ̀rù kó má hàn lójú òun.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù kékeré náà dún. Bàbá Ọláfimíhàn ló fi ìbéèrè ránṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni òun ń da apakòkòrò sí omi kànga kí adìyẹ òun tó mu ún. Ní òwúrọ̀ ọ̀la tí òun fẹ́ fún wọn ní àjẹsára, ṣé kí òun dà á sí i náà? Alhaja kà á, ó mi orí. “Háà, kò gbọ́dọ̀ dà á sí i o. Ohun tó ń pa kòkòrò yẹn á pa àjẹsára náà dànù. Omi kànga lásán ni kó fi pò ó, kí wọ́n sì mu ún tán láàrin wákàtí méjì.”

Kọ́lápọ̀ ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Alhaja, ẹ jẹ́ kí n kọ ti Bàbá yìí.”

“Kọ́lápọ̀.”

“Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan. Àgbàlagbà ni wọ́n. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò ní fi àdírẹ́sì kankan sí i, mo fi Ọlọ́run búra.”

Alhaja wo Bùnmí. Bùnmí ń nu ojú kọ̀ǹpútà, kò wo ẹnikẹ́ni.

“Ó dáa. Ìwọ kọ ọ́. Kó dé ọwọ́ wọn ní kùtùkùtù, kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀.”

Kọ́lápọ̀ délé, ó mú ìwé, ó kọ ọ́. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan pẹ̀lú ìkíni. Nítorí náà ó pinnu pé méjì ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni àti ìkìlọ̀ yóò jọ wà nínú èkínní, kí ìyókù wà nínú èkejì. Ó ka èkínní títí dé ọgọ́jọ. Orí ìkìlọ̀ náà, “E ma se fi oogun apakokoro”, wọ inú rẹ̀. Ó fi ìka gbá tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ọ̀gá Kọ́lá, ẹ̀rín kí nìyẹn?” Ó ní kò sí nǹkan.

Ní òwúrọ̀, òun ló ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó. Àga náà dún kẹ́ẹ́. Ó dùn mọ́ ọn.

Kò kọ ọ́ sínú sáìtì tààrà. Inú ètò tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà ló ti kọ ọ́, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà ti máa ń hàn gbàgà-gbàgà, tó sì lẹ́wà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó wá kó o láti ibẹ̀, ó gbé e sínú sáìtì. Ohun tó kọ nìyí:

“E kaaro o, eyin agba wa. E ku ise, e ku inawo, e ku itoju adie. Oluwa yoo bukun ise owo yin, e ko nii ri adanu. Idahun ibeere yin – E ma se fi oogun apakokoro sinu omi ajesara. Omi kanga ni ki e fi po o. Ki adie mu un tan laarin wakati meji.”

Ó dára. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì dára. Ìgbà náà ló rí i pé sáìtì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rin ni.

Mẹ́rin kẹ̀? Méjì ló kà. Ó tún un kà lórí bébà rẹ̀. Méjì ni.

Bùnmí ti wọlé nígbà náà. Ó ń so ìbòrí rẹ̀ kọ́. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà láti ọ̀ọ́kán.

“Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ káàárọ̀. Mẹ́rin ló kọ yẹn. Ṣé kí n wò ó?”

Bó bá ní kí ó wò ó, yóò dìde. Bó bá dìde, Bùnmí yóò jókòó. Àga náà yóò dún.

“Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Àwa la ti ń ṣe é kó o tó dé.”

“Mo kàn ní kí n…”

“Lọ gbálẹ̀, jàre.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Sáìtì ní òun ti fi ránṣẹ́. Ó fara ti ẹ̀yìn àga. Ó ń retí kí fóònù kékeré dún, kí wọ́n dúpẹ́.

Oòrùn ti ń mú kó tó dún. Ìpè ni, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Alhaja ti dé, òun ló gbé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta torí owó ló ń kà.

“Alhaja! Ẹ bá mi sọ fún ọmọbìnrin yín yẹn pé èmi kì í mu oògùn adìyẹ!”

“Bàbá Ayọ̀bọ̀? Kí ló dé, sà?”

“Ó kọ ìwé sí mi pé ẹ mu ún tán láàrin wákàtí méjì. Èmi Ọláfimíhàn! Kí n mu kí ni tán? Garawa méjì ni! Ọ̀kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní kí n fi apakòkòrò sínú omi àjẹsára, mo ti fi í sí i. Kò tilẹ̀ ní ‘ẹ’, ‘fi’ ló wí fún mi, bíi pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mí. Mo ní ọmọ tí kì í kí èèyàn, kí ló kù tí kò ní sọ? Mo fara mọ́ ọn, mo fi í sí i. Èyí tó ní kí n mu yìí ni mi ò ní gbà!”

Alhaja gbé owó sílẹ̀.

“Ẹ ti fi apakòkòrò sí i, Bàbá?”

“Ó ní kí n fi í sí i!”

“Ṣé àwọn adìyẹ ti mu ún?”

“Wọ́n ti ń mu ún. Láti ìdájí ni òǹgbẹ ti ń gbẹ wọ́n, bí ẹ ṣe ní kí n má fún wọn lómi.”

Alhaja bẹ bàbá pé kó má bínú, pé àjẹsára náà ti bàjẹ́ lónìí, pé adìyẹ kò ní kú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dáàbò bò wọ́n mọ́. Ó ní ní òwúrọ̀ ọ̀la wọn yóò gbé òmíràn wá fún un dé ilé. Ó pa fóònù. Kò wo Bùnmí rárá. Kọ́lápọ̀ ló wò.

“Méjì ni mo kà, Alhaja,” Kọ́lápọ̀ wí. “Ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wò ó.”

“Bùnmí, kọ òmíràn sí gbogbo wọn kíákíá kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́lápọ̀, dìde níbẹ̀.”

Ó dìde. Àga dún. Bùnmí jókòó. Àga tún dún.

“E ma da apakokoro si omi ajesara. Yoo pa ajesara naa. E foju fo atejise aaro yii.”

Ẹyọ kan ni. Ó lọ. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, fóònù kékeré náà kò sinmi. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fún adìyẹ ní àjẹsára lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kò tán lẹ́nu wọn. “Ẹ jọ̀wọ́, èmi ti mu tèmi tán, ṣé kí ìyàwó mi náà mu?” Ọkùnrin Akówònjó tó gbé ẹyin wá ní, “Ẹ gbé Bùnmí padà fún wa o, kí wọ́n má lọ fún wa ní abẹ́rẹ́.”

Kọ́lápọ̀ ló ń ka gbogbo rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù kékeré náà wà. Ohun tó dùn ún jù ni pé Bùnmí kò sọ nǹkan kan. Bó bá bú u, ì bá bú u padà. Kò bú u. Ó ń tajà, ó ń kí ènìyàn. Ó bá a ra ẹ̀wà nígbà tó ń ra tirẹ̀. Kọ́lápọ̀ jẹ ẹ̀wà náà bí ẹni ń jẹ òkúta.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìgò àjẹsára tuntun sínú yìnyín, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ayọ̀bọ̀. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ó gbé yìnyín náà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Bàbá Ọláfimíhàn ń dúró dè é lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú fìlà lórí. Àwọn adìyẹ ń pariwo òǹgbẹ.

Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fọ àwọn ike omi, omi nìkan ló fi fọ̀ wọ́n, kò fi ọṣẹ kankan kàn wọ́n. Ó fa omi láti inú kànga, ó pò ó, ó gbé e fún wọn. Wọ́n bò ó. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbé orí sókè lẹ́yìn ẹnu kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àtẹ̀jíṣẹ́ àná.”

Bàbá mú fóònù rẹ̀ jáde nínú àpò. Ó kéré, ojú rẹ̀ ti họ. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, IMOLEOLOSIN lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ àtúnṣe Bùnmí ni wọ́n wà, èyí tó dé kẹ́yìn nínú wọn lókè. Kọ́lápọ̀ ṣí i.

“e mu un tan laarin wakati meji.”

Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e.

“fi oogun apakokoro sinu omi ajesara. Omi kanga ni ki e fi po o. Ki adi”

Ó ṣí ẹ̀kẹta sísàlẹ̀. Ó rí ìyókù àdúrà rẹ̀, ó rí “Idahun ibeere yin”, àpótí ṣófo kékeré kan tẹ̀ lé e níbi tó ti fa ìlà, lẹ́yìn náà:

“E ma se”

Ibẹ̀ ló ti gé.

“Àwọn méjì ìsàlẹ̀ yẹn, mi ò kà wọ́n títí di ọ̀sán,” bàbá wí. “Mo ti da apakòkòrò sí omi náà tán. Nígbà tí mo wá rí ìkíni, mo ní ẹlòmíràn ló kọ ìyẹn. Ó dùn mọ́ mi. ‘Ẹ kú ìnáwó.’ Ẹni tó kọ ìyẹn ní ẹ̀kọ́ ilé.”

Kọ́lápọ̀ wo ilẹ̀.

“Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀, Bàbá.”

“Ìwọ?” Bàbá tẹ́jú mọ́ ọn. “Èyí tó kí mi ńkọ́?”

“Èmi ni.”

“Èyí tó ní kí n mu ún?”

“Èmi náà ni.”

Ẹ̀rín gbé Bàbá Ọláfimíhàn, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. “Háà! Ìkíni yẹn dára o, ọmọ mi. Ó dára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni.”

Nígbà tí Kọ́lápọ̀ padà dé Ìgándò, ọjà ti kún. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó dúró títí oníbàárà kan fi rà, tó lọ.

“Bùnmí.”

“Sà.”

“Wo kinní yẹn fún mi. Ti àná. Kí ló sọ méjì di mẹ́rin?”

Ó jẹ́ ìgbà kìíní tí yóò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bùnmí kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró.

“Ìlà yìí, Bọ̀dá Kọ́lá.”

“Ìlà wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ fà lẹ́yìn ‘ibeere yin.’ Inú ètò lẹ́tà lẹ ti kọ ọ́, àbí? Ibẹ̀ máa ń sọ ìlà kúkúrú di gígùn fúnra rẹ̀, kó lè lẹ́wà. Ìlà gígùn yẹn ò sí nínú àwọn àmì tí àtẹ̀jíṣẹ́ mọ̀. Tí ẹyọ kan péré tí kò mọ̀ bá ti wọ inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa kọ lọ́nà mìíràn tó ń jẹ àyè. Kì í gba ọgọ́jọ mọ́. Àádọ́rin ni. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń fi àmì sí Yorùbá tí mo bá ń kọ ọ́ síbí, torí ẹ̀ náà ni mi ò ṣe ń fi àmì náírà sí i.”

Ó pa ìlà gígùn rẹ́, ó tẹ ìlà kúkúrú sí ipò rẹ̀. Mẹ́rin ìsàlẹ̀ di méjì lójú wọn.

Kọ́lápọ̀ wò ó. Kíkà rẹ̀ kò yẹ̀, bí ó ti kà á náà ló rí. Ìlà kan ni, kò gùn ju èékánná lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló sì kù kí ó sọ láàárọ̀ àná, “wò ó.”

Alhaja ti ń gbọ́ wọn láti ìdí owó.

“Bùnmí ló máa wà lórí àga,” ó wí. Kò fi “ná” sí i lọ́tẹ̀ yìí. “Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Bàbá Ayọ̀bọ̀ sọ. Kò dáa kí a má kí àgbà. Kọ́lápọ̀, wá ìkíni tí ò ní jẹ àyè, kí Bùnmí máa fi sí i. Kó sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kì í ṣe iwájú. Ẹni tó bá kánjú, kó ti rí oògùn kó tó rí ìkíni.”

Kọ́lápọ̀ rò ó títí di ọ̀sán. Gbogbo èyí tó mọ̀ ló gùn. Nígbẹ̀yìn, “E ku ise o” ló mú wá. Bùnmí kà á. Ó ní ó dára, pé àyè tó tó bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù fún òun. Láti ọjọ́ náà, òun ni ìparí gbogbo ìdáhùn tó ń jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ Kọ́lápọ̀ nìyẹn, ó sì mọ bó ṣe kéré tó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bùnmí fi ìdáhùn kan ránṣẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ike omi. Ẹyọ kan ni, “E ku ise o” wà ní ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tí fóònù kékeré dún lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀. Bàbá Ọláfimíhàn ni.

“Mo ri ikini. E ku laakaye o, Bunmi.”

Kọ́lápọ̀ kà á. Ó tún un kà. Ibi tí orúkọ ẹlòmíràn yẹ kó wà kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó wò ó pẹ́ tó.

“Ta ni, Bọ̀dá Kọ́lá?” Bùnmí béèrè. Kò yíjú padà.

“Bàbá Ayọ̀bọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn rí ìkíni. Wọ́n ní ẹ kú làákàyè.”

“Àwọn ta ni wọ́n kí? Ṣé wọ́n dárúkọ?”

Kọ́lápọ̀ ti fóònù bọ àpò.

“Àyè ò gbà á,” ó wí.

Bùnmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àga náà dún kẹ́ẹ́ bó ti ń mira níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun Bùnmí ló mọ bí àyè ti pọ̀ tó nínú ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan.